Fláyà Ọ̀fẹ́ Tí Kò Jọ Ti Ẹlòmíràn

Ọ̀rọ̀ fláyà la fẹ́ sọ lónìí, èyí tí a ń fi àwòṣe ọ̀fẹ́ orí Canva ṣe.

Àǹtí mi kan ń ta oúnjẹ ní Bódìjà. Fláyà rẹ̀ àti ti obìnrin kan ní Agbowó jọra bí ìbejì: àwo ìrẹsì kan náà, àwọ̀ ọsàn kan náà. Oníbàárà àǹtí mi bá pe nọ́ńbà obìnrin kejì, ó sì sanwó kúlà ìrẹsì méjì fún un. Kì í ṣe jìbìtì o. Àwòṣe kan náà làwọn méjèèjì mú.

Ohun tí a ṣe sí i nìyí. Fọ́tò la kọ́kọ́ yọ, torí òun ni ojú ń tètè rántí. A ya ìkòkò àǹtí mi fúnra rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́. A ò tan iná fóònù, torí ó máa ń jẹ́ kí epo orí ọbẹ̀ funfun báláú.

Ó kan àwọ̀. Àǹtí mi ní épírọ́ọ̀nù àdìrẹ Ìbàdándùn, àdìrẹ tó ní àwòrán òpó Gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí. A ya igun aṣọ náà, a sì tò ó sí ìsàlẹ̀ fláyà bí ìgbátí. Tí fọ́tò bá ti wà lórí iṣẹ́ yín, tí ẹ sì tẹ ibi àwọ̀, Canva á kó àwọn àwọ̀ inú fọ́tò náà jáde fún yín. A mú àwọ̀ aró inú rẹ̀, a fi rọ́pò àwọ̀ ọsàn, a wá tẹ `Change all` kó lè kárí. Aró àti funfun nìkan la fi sílẹ̀.

Lẹ́tà ló sábà máa ń tú àṣírí. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ológe ni kò ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn tiwa. Tí ẹ bá tẹ “ẹ̀fọ́” tàbí “ọbẹ̀”, ẹ̀rọ á yá ẹ àti ọ lọ́wọ́ irú lẹ́tà mìíràn: wọ́n á ki ju àwọn tó kù lọ, tàbí kí àmì wọn fò kúrò lórí wọn. Nítorí náà, ẹ tẹ “ọ̀gẹ̀dẹ̀” wò kí ẹ tó yan lẹ́tà. Noto Sans la lò, gbogbo àmì náà sì jókòó dáadáa.

Ẹ dán iṣẹ́ yín wò báyìí: ẹ fi àtàǹpàkò bo orúkọ àti nọ́ńbà, kí ẹ sì fi han oníbàárà yín kan. Tí kò bá lè sọ pé tiyín ni, ẹ padà sídìí fọ́tò, torí àwọ̀ àti lẹ́tà nìkan kò lè gbé e.