Ẹ̀bi tí a Fi Ra Ẹ̀mí

Ní Amẹ́ríkà agbẹjọ́rò ìjọba a máa bá ẹni tí a fẹ̀sùn kàn dúnàá-dúrà: bí ó bá gba ẹ̀bi, ìyà rẹ̀ yóò dínkù.

Ní 1963, ní Nọ́ọ̀tì Kàrólínà, a fẹ̀sùn ìpànìyàn kan Henry Alford. Bí ó bá rojọ́ tí ó sì jẹ̀bi, wọ́n lè pa á. Bí ó bá gba ẹ̀sùn tí ó rọjú, ẹ̀wọ̀n ni. Ó ní òun kò pànìyàn, síbẹ̀ ó gba ẹ̀bi nítorí ìbẹ̀rù ikú. Ẹ̀wọ̀n ọdún 30 ni wọ́n dá fún un. Ní 1970 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí i.

Kí ni ó fi sílẹ̀? Ìgbìmọ̀ tí ìbá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, àǹfààní láti bi ẹlẹ́rìí léèrè, àti ẹ̀tọ́ láti dákẹ́. Ẹ wò ó bí aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ti lè gba ẹ̀bi.