Àtàńpàkò Orí Fóònù Níwájú Adájọ́

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin oníṣòwò Orílé-Ìgànmú ló ń tajà lórí Wásáàpù báyìí. Ẹ ó kọ iye ọjà àti iye owó, oníbàárà á fi èmójì àtàńpàkò dáhùn, ọjà á sì gbéra. Bí ìjà bá wá dé ńkọ́? Kí ni adájọ́ máa rí nínú àtàńpàkò yẹn?

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ ká yẹ̀ wò wáyé ní Saskatchewan, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ South West Terminal, tó máa ń ra irè oko, ń wá fláàsì rà, ìyẹn hóró kan tí wọ́n máa ń fún òróró lára rẹ̀. Òṣìṣẹ́ wọn bá àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó kọ ìwé àdéhùn, ó fọwọ́ sí i, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ pé kí àgbẹ̀ náà jọ̀wọ́ fìdí àdéhùn náà múlẹ̀. Dọ́là 17 ni búṣẹ́ẹ̀lì kan, oṣù kọkànlá lọjà máa dé. 👍 ni àgbẹ̀ fi dáhùn. Nígbà tí oṣù kọkànlá fi máa pé, owó fláàsì ti gun òkè dé nǹkan bíi dọ́là 41. Ọjà ò dé, ilé-iṣẹ́ náà sì gbé àgbẹ̀ lọ sílé-ẹjọ́.

Àgbẹ̀ ní ohun tí òun fi àtàńpàkò sọ kò ju pé òun ti rí iṣẹ́ tí wọ́n rán sí òun, pé òun ṣì ń retí ìwé àdéhùn tó pé. Ẹ má fọwọ́ rọ́ àwíjàre yìí sẹ́yìn. Àwa náà máa ń fi àtàńpàkò dá ẹni tó kéde ìpàdé lóhùn, nígbà tá ò tíì mọ̀ bóyá a máa lọ.

Adájọ́ Keene, tó gbọ́ ẹjọ́ náà, padà sí bí àwọn méjèèjì ṣe ń ṣòwò tẹ́lẹ̀. Ó rí i pé nígbà tí wọ́n fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sẹ́yìn, “ok”, “yup” tàbí “looks good” ni àgbẹ̀ yìí ń kọ, kì í kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó kó ọjà wá, ó sì gbowó. Adájọ́ wá béèrè pé ẹni tó mọ gbogbo ìtàn yìí, tí kì í ṣe ará ilé ẹnikẹ́ni nínú wọn, báwo ló ṣe máa ka àtàńpàkò náà? Ó ní yóò kà á sí bẹ́ẹ̀ ni. Òfin ibẹ̀ tún ń béèrè ìfọwọ́sí, adájọ́ sì ní nọ́ńbà fóònù àgbẹ̀ náà ti fi hàn pé òun gan-an ló dáhùn. Ní oṣù kẹfà 2023, ó dá a lẹ́jọ́ pé kó san owó tó lé ní 82,000 dọ́là Kánádà. Kòtẹ́milọ́rùn fara mọ́ ìdájọ́ náà lóṣù kejìlá 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn adájọ́ ibẹ̀ ò fohùn ṣọ̀kan.

Lójú tèmi, ẹjọ́ náà tọ́, ṣùgbọ́n orí òwò àtẹ̀yìnwá ló dúró lé. Ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá pàdé lánàá, àtàńpàkò tirẹ̀ ò lè ru ẹrù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ká ní ìyá kan ń kó kéréètì ọtí fún onílé-ọtí kan ní Ìgànmú. Ó kọ̀wé sí i pé, “Gbèsè yín ku ₦360,000, ẹ máa san án lópin oṣù yìí.” Oníbàárà fi àtàńpàkò dáhùn, kò sì san án. Láti 2018 ni Èkó ti ní ilé-ẹjọ́ kékeré fún irú gbèsè yìí, bí kò bá ti ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí 2011 ń béèrè ìwé-ẹ̀rí tó máa fi hàn pé fóònù tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Abala 93 sì gbà kí èèyàn fi ẹ̀rí èyíkéyìí hàn pé ẹnì kan ló fọwọ́ sí ohun orí ẹ̀rọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni fọ́tò ojú fóònù. Wọ́n á gé àtàńpàkò jáde, wọ́n á fi gbólóhùn tí àtàńpàkò náà ń dáhùn sílẹ̀. Tàbí kó jẹ́ “Bọ̀dá Ọlọ́tí” ló hàn lókè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ tó wù ú pa nọ́ńbà mọ́. Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ hàn, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Bó bá jẹ́ pé orí iṣẹ́ yín ló lẹ àtàńpàkò mọ́, ẹ tètè ya fọ́tò rẹ̀, nítorí oníbàárà lè yọ ọ́ kúrò lọ́la.

Ẹjọ́ èmójì tó jẹ mọ́ ìhàlẹ̀ tún le ju ti òwò lọ. Lọ́dún 2016, ilé-ẹjọ́ kan ní Valence nílẹ̀ Faransé rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ sẹ́wọ̀n lórí èmójì ìbọn tó fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin tí wọ́n ti jọ ń fẹ́ra tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Apple sọ ìbọn tirẹ̀ di ìbọn omi tí ọmọdé ń fi ṣeré. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yòókù ò tẹ̀ lé e títí di 2018. Láàárín ìgbà yẹn, ẹnì kan lè tẹ ìbọn omi lórí fóònù tirẹ̀, kí ìbọn gidi yọ lójú fóònù ẹni tó gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn agbẹjọ́rò wa pé, nínú ẹjọ́ ìhàlẹ̀, kí wọ́n béèrè fóònù méjèèjì, irú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, àti ọjọ́ tí wọ́n fi èmójì náà ránṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó wà lọ́kàn olùjẹ́jọ́.