Ẹ̀rọ Tó Ń Hùn Láìfa Omi

“Bàbá, omi ò wá o.” Irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀, “mo ti gbọ́” ni onílé sábà máa ń fi dá a lóhùn. Ó tán.

Ayálégbé kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, kọ tiẹ̀ báyìí: “Ẹ káàárọ̀ sà. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rọ kànga wa kò ti fa omi mọ́. Iná wà, àmọ́ tí a bá tàn án, ó kàn ń hùn ni, lẹ́yìn náà búrékà á já. A ti pa á. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo ni oníṣẹ́ yóò wá, ká lè dúró ṣí géètì?”

Híhùn yẹn ni oníṣẹ́ fẹ́ gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń hùn tí kò yí, ó lè jẹ́ kapásítọ̀ inú àpótí rẹ̀ ló bàjẹ́, tàbí kí iyanrìn há a. Èyí tó bá ń yí láìgbé omi wá ńkọ́? Bóyá omi kànga ló ti lọ sílẹ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Pípa tí wọ́n pa á náà dára. Mọ́tò tó ń hùn láìyí máa ń gbóná títí yóò fi jóná, kapásítọ̀ tí kò wọ́n á wá di mọ́tò tuntun.

Onílé fi ọ̀rọ̀ náà ṣọwọ́ sí oníṣẹ́, ìyẹn sì fèsì: “Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá.”