Ìlà tí Ọkàn Ń Fà: Bí A Ti Ń Ka Bébà ECG

Kí ọkàn ènìyàn tó lù, iná mànàmáná ni ó kọ́kọ́ ń rìn nínú rẹ̀ kí ẹran ara rẹ̀ tó fún pọ̀. Iná náà kéré púpọ̀, ẹni tí ó ni ọkàn náà kò sì lè mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n omi àti iyọ̀ inú ara ń gbé e jáde dé ojú awọ. Ẹ̀rọ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ECG ni ó ń gbà á níbẹ̀, tí ó sì ń fà á ní ìlà sórí bébà. Ẹ̀rọ yìí kì í fi iná kankan sí ara aláìsàn. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Willem Einthoven, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Họ́láńdì, ni ó fún àwọn òkè àti kòtò inú ìlà náà ní orúkọ tí a fi ń pè wọ́n títí di òní, èyíinì ni P, Q, R, S àti T. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà ni ó mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nóbẹ̀lì ní ọdún 1924.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni èyí: kí ni ìlà ọkàn tí ó dá ṣáṣá fi yàtọ̀ sí ti ọkàn tí apá kan rẹ̀ ń kú lọ?

Bébà náà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀. Ó ní ojú kéékèèké bí ojú àwọ̀n apẹja. Mìlímítà 1 ni ìbú ojú kékeré kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ka 5 nínú wọn, a ó kan ìlà tí ó nípọn, ojú ńlá 1 nìyẹn. Mìlímítà 25 ni bébà sábà máa ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá 1, nítorí náà ojú ńlá 5 ni ó ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ń ka bébà láti òsì sí ọ̀tún, àkókò ni a ń kà. Bí a bá ń kà á láti ìsàlẹ̀ sí òkè, agbára iná ni a ń kà.

Nínú ọkàn tí ó le, ibì kan náà ni iná ti ń ṣẹ̀ nígbà gbogbo, ní apá òkè yàrá òkè ti ọ̀tún. Bí ó ti ń tàn ká yàrá òkè méjèèjì, ìlà a di òkìtì kékeré tí orí rẹ̀ rí roboto: P nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, iná a dúró díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tí ó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè ṣàn wọ yàrá ìsàlẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ P títí di ìgbà tí iná bá wọ yàrá ìsàlẹ̀, ojú kékeré 3 sí 5 ni ó yẹ kí a kà. Nígbà tí ó bá wọlé tán, eré tete ni ó ń sá, ìlà a sì ta ṣóńṣó bí orí ọ̀kọ̀: QRS nìyẹn, ìbú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tó ojú kékeré 3. Lẹ́yìn náà ni ìlà yóò padà sí ilẹ̀, tí yóò tẹ́ pẹrẹsẹ fún ìgbà díẹ̀ kí òkìtì T tó yọ, èyí tí í ṣe àmì pé yàrá ìsàlẹ̀ ń múra de lílù mìíràn.

Ọkàn ń lù déédéé bí P bá ń ṣáájú QRS kọ̀ọ̀kan, tí QRS ń tẹ̀lé P kọ̀ọ̀kan, tí àlàfo láàárín ṣóńṣó kan àti èkejì sì dọ́gba. Láti mọ iye ìgbà tí ó ń lù ní ìṣẹ́jú 1, a ó ka ojú ńlá tí ó wà láàárín R méjì, a ó sì fi iye náà pín 300. Bí ojú ńlá náà bá jẹ́ 4, ọkàn ń lù ní ìgbà 75. Bí ó bá jẹ́ 6, ó ń lù ní ìgbà 50. Láti 60 sí 100 ni ti àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́. Bí ti ọ̀dọ́ bá yára díẹ̀ nígbà tí ó fa èémí sínú, tí ó sì falẹ̀ nígbà tí ó mí jáde, ìyẹn kì í ṣe àrùn.

Ṣùgbọ́n lílù déédéé kò wí pé ewu kò sí. Ọkàn tí apá kan rẹ̀ ń kú lè máa lù ní ìgbà 75 láìṣi ẹsẹ̀ gbé. Ibi tí ó yẹ kí ojú wà ni ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó wà láàárín S àti T. Ìdí tí ilẹ̀ yìí fi ń tẹ́ ni pé, ní àkókò náà, iná ti dé gbogbo ẹran ara yàrá ìsàlẹ̀ bákan náà. Níbi tí ilẹ̀ bá dọ́gba, omi kì í ṣàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti iná. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá wá dí ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀, ẹran ara tí òpó náà ń bọ́ kò ní lè di iná mú bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti ń dì í mú. Ìdọ́gba ti bàjẹ́ nìyẹn. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ a gbéra sókè lójú ẹni tí ó dojú kọ ibi tí ó farapa, a sì rì lójú ẹni tí ó ń wò ó láti òdìkejì.

Ẹ̀rọ náà ní ojú ìwòye 12, bí ẹni pé ènìyàn 12 yí ilé kan ká, tí kálukú ń sọ ohun tí ó rí láti ibi tí ó dúró sí. II, III àti aVF ń wo ọkàn láti ìsàlẹ̀. V1 títí dé V4 ń wò ó láti iwájú. I, aVL, V5 àti V6 ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ̀rí ẹnì kan kò tó dá ẹjọ́: ojú 2 tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò, ó kéré tán, ni ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilẹ̀ gbéra tó mìlímítà 1. V2 àti V3 nìkan ni òṣùwọ̀n wọn ju èyí lọ, nítorí pé ilẹ̀ wọn máa ń ga díẹ̀ tẹ́lẹ̀: mìlímítà 2 fún ọkùnrin tí ó ti pé ẹni 40 ọdún, 2 àti ààbọ̀ fún ọkùnrin tí kò tó bẹ́ẹ̀, 1 àti ààbọ̀ fún obìnrin.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ká ní ọkùnrin ẹni ọdún 56 kan, tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, jí ní ìdájí pẹ̀lú ìrora ní òkè ikùn. Òógùn tútù bò ó, èébì sì ń gbé e. Àwọn ará ilé ní ọgbẹ́ inú ni, wọ́n sì fún un ní oògùn ọgbẹ́ inú. Ó di wákàtí kan, ìrora kò lọ, ni wọ́n bá gbé e dé ilé ìwòsàn. Nínú bébà kìn-ín-ní, ojú ńlá 6 ni ó wà láàárín R méjì, èyí tí ó fi hàn pé ìgbà 50 ni ọkàn ń lù. P ń ṣáájú QRS bí ó ti yẹ. Ní II, III àti aVF, ilẹ̀ kò gbéra tó ààbọ̀ mìlímítà. Ẹni tí ń kánjú lè sọ pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ní aVL, tí ó ń wo ọkàn láti òdìkejì, ilẹ̀ ti rì díẹ̀, T sì ti dojú délẹ̀. Nítorí èyí, dókítà kò jẹ́ kí ó padà sílé; ó ní kí wọ́n tún un yà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Nínú bébà kejì, ilẹ̀ ti gbéra ní mìlímítà 3 ní III, 2 àti ààbọ̀ ní aVF, àti 2 ní II. Ó rì ní mìlímítà 2 ní aVL àti 1 ní I. Ojú mẹ́ta tí ń wo ìsàlẹ̀ sọ ohun kan náà, àwọn tí ó wà ní òdìkejì sì jẹ́rìí sí i. Ìhà ìsàlẹ̀ ọkàn ni ó ń kú lọ. Nítorí pé ti III ga ju ti II lọ, òpó ọ̀tún ni a kọ́kọ́ ń fura sí pé ó dí. Òpó yìí kan náà ni ó sábà ń bọ́ ibi tí iná ọkàn ti ń ṣẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọkàn fi lè máa lọ́ra bẹ́ẹ̀. Dókítà yóò tún gbé ojú kan lé apá ọ̀tún àyà, ìyẹn V4R. Bí ilẹ̀ bá gbéra níbẹ̀ pẹ̀lú, yàrá ìsàlẹ̀ ti ọ̀tún ti kàn án. Oògùn abẹ́ ahọ́n tí a fi ń tú òpó ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ sì lè mú kí ìfúnpá aláìsàn náà já wálẹ̀ lójijì.

Iṣẹ́ tí ó kù ni láti ṣí òpó náà. Fífi ọpọ́n tín-ín-rín wọ inú rẹ̀ ni ó dára jù. Níbi tí èyí kò bá lè ṣeé ṣe láàárín wákàtí 2, abẹ́rẹ́ tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ni wọn yóò fún un, bí kò bá sí ohun tí ó kọ̀ ọ́, tí ìrora kò sì tíì kọjá wákàtí 12. Bí òpó kò bá ṣí, ilẹ̀ tí ó gbéra yóò máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, T yóò dojú délẹ̀, kòtò Q tí ó fẹ̀ tó ojú kékeré 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò sì yọ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ìlà náà ń sàn. Bẹ́ẹ̀, àpá ibi tí ó ti kú ni Q náà.

Kì í wá í ṣe gbogbo ilẹ̀ tí ó gbéra ni ọkàn tí ń kú. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 kan lọ ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́, tí bébà rẹ̀ sì fi hàn pé ilẹ̀ gbéra ní mìlímítà 1 àti ààbọ̀ ní V4 àti V5. Òṣùwọ̀n nìkan ìbá dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kò ní ìrora. Ilẹ̀ náà tẹ̀ kòlòkòlò bí inú igbá, kò yọ gọngọ bí ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí ó rì kò sí àfi aVR, tí ìlà rẹ̀ máa ń dojú délẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì tún un yà, ohunkóhun kò yí padà. Irú ìlà báyìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ara wọn le. Ó dà bí igba, igbá àti ìgbà: lẹ́tà kan náà ni, àmì ohùn àti ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni ó ń yà wọ́n. Síbẹ̀, bí ìrora bá wà, ìrísí kòlòkòlò nìkan kò tó dá ènìyàn láre, nítorí pé ọkàn tí ń kú náà lè kọ́kọ́ fa irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Bébà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí òpó kò bá dí tán, ilẹ̀ lè má gbéra rárá. Ó lè rì, T lè dojú délẹ̀, tàbí kí ìlà rí bí ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Nígbà náà, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn láti wá tíróponíìnì, èròjà tí ń jò jáde láti inú ẹran ara ọkàn tí ó farapa, wọn yóò sì tún ẹ̀jẹ̀ náà gbà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ya bébà àkọ́kọ́ láàárín ìṣẹ́jú 10 tí aláìsàn bá ti wọlé, kí a sì máa tún un yà níwọ̀n ìgbà tí ìrora kò bá lọ. Bébà kan tí kò fi nǹkan hàn kò sọ ju ohun tí ọkàn ń ṣe ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 10 tí ẹ̀rọ fi gbọ́ ọ lọ.