‘At’, ‘on’, ‘in’ àti ‘by’ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí à ń kọ sí oníbàárà

Ádímìn yín ni o. Ẹ ní kí n ṣàlàyé ìbéèrè márùn-ún tí mo fi sórí gúrúùpù lálẹ́ àná. Ọ̀pọ̀ wa ló ṣì í, ṣùgbọ́n ìdí wà. Yorùbá ní “ní” kan ṣoṣo: ní aago mẹ́jọ, ní ọjọ́ Ajé, ní oṣù Kẹta, ní ọjà. Òyìnbó pín “ní” yẹn sí mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká fi àkókò bẹ̀rẹ̀. Aago ló ni “at”: “I open at 8”. Ọjọ́ àti déètì ló ni “on”: “I travel on Monday”. Ohun tó gùn ju ọjọ́ lọ, bí oṣù àti ọdún, ló ni “in”: “The goods will come in March”. À ń sọ pé “in the morning”, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ọjọ́ mọ́ ọn, ọjọ́ ló borí: “on Monday morning”.

Bákan náà ni ti ibi. Ìlú àti àdúgbò, “in”: “in Abuja”, “in Nyanya”. Títì, “on”: “on Aminu Kano Crescent”. Ojú ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ pàdé, “at”: “Meet me at Wuse Market”. Ẹ wò ó, èyí tó fẹ̀ jù ni “in”, ojú kan ṣoṣo ni “at”, “on” wà láàárín.

Ìbéèrè karùn-ún, ti “by”, èmi ti sanwó ẹ̀kọ́ tiẹ̀. Oníbàárà kan ní Utako kọ̀wé sí mi: “I need the lace by 4 on Friday.” Èmi rò pé aago mẹ́rin géérégé ni, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ níbí, pé mítìǹgì jẹ́ “by 4”. Mo kúrò ní Wuse ní aago mẹ́ta ààbọ̀, sún kẹ̀rẹ fà kẹ̀rẹ dá mi dúró ní Berger. Nígbà tí mo débẹ̀, aago mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti lọ síbi ayẹyẹ. Lẹ́ẹ̀sì mẹ́fà ni mo gbé padà.

“By 4” ni pé kó má kọjá aago mẹ́rin. Aago méjì dára, aago mẹ́ta dára. Tó bá jẹ́ aago mẹ́rin gan-an lẹ fẹ́, ẹ kọ “at 4”. “Till 4” yàtọ̀ síyẹn: “I am in the shop till 4” ni pé mo wà níbẹ̀ títí di aago mẹ́rin, lẹ́yìn náà mo ti lọ.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fi “kó má kọjá” rọ́pò “by” lẹ́nu yín. Bó bá bá ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn mu, ẹ fi sílẹ̀. Bí kò bá bá a mu, “at” ni.

Iṣẹ́ tòní rèé: “Meet me ___ Utako Market ___ Saturday ___ 10.” Ẹ kọ ìdáhùn pẹ̀lú ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.