Èépá Inú Ẹ̀rọ Ẹsipírẹ́sò

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ kọfí ẹsipírẹ́sò nílé, ẹ kọ́kọ́ yẹ inú kẹ́tù yín wò. Bí èépá funfun bá lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, irú rẹ̀ ń dì sínú ẹ̀rọ náà. Orí àpáta líle ni Adó-Èkìtì wà, nítorí náà omi kànga wa kì í sábà léépá púpọ̀. Omi òjò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ léépá rárá. Bí kẹ́tù bá mọ́, fífọ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó. Bí èépá bá ń yára dì, tàbí kọfí ń kán tó-tó níbi tó ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ lóṣù méjì-méjì.

Ìyẹ̀fun ásíìdì sítíríìkì ni mo fọwọ́ sí: gíráàmù 20 nínú lítà omi kan. Ẹ jẹ́ kí ìdajì gba inú ẹ̀rọ kọjá, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó fa ìyókù. Omi mímọ́ tó kún táǹkì lẹ́ẹ̀mejì ni yóò ṣan án. Fínígà lè jẹ rọ́bà inú ẹ̀rọ, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè lọ. Bílíìṣì ńkọ́? Májèlé ni, kì í sì í yọ èépá. Bí bọ́ílà bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ ka ìwé ìlànà rẹ̀ kí ẹ tó fi ásíìdì kankan kàn án.