Owó tó ń yọ lórí káàdì lóṣooṣù: ibo ni agbára báńkì mọ?

Láti Ìpájà náà la tún ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lẹ́yìn mi, ẹ má bínú.

Áàpù kan wà tí mo fi ń tún ohùn ṣe, ₦5,000 ló ń yọ lórí káàdì mi lóṣooṣù. Mi ò lò ó mọ́. Dípò kí n wọ inú áàpù lọ fagi lé e, mo gba báńkì mi lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi dá iléeṣẹ́ yìí nìkan dúró." Obìnrin tó dá mi lóhùn ní àwọn ò lè yọ ọ́ lọ́tọ̀: àfi kí àwọn ti káàdì náà pa, tàbí kí n fi áàpù báńkì ti ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Inú bí mi, àmọ́ ó níbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ sanwó ni ẹ tẹ nọ́ńbà káàdì àti nọ́ńbà àṣírí yín. Lẹ́yìn náà, àwọn agbowó bíi Paystack tàbí Flutterwave á tọ́jú kóòdù kan tó dúró fún káàdì náà, òun ni wọ́n á máa fi béèrè owó lóṣooṣù láìtún bi yín. Kò sí ìwé àṣẹ kankan lọ́wọ́ báńkì tó lè fà ya. Ìbéèrè ló ń rí, ó sì ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Bí ó bá jẹ́ àṣẹ tí ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì fọwọ́ sí ni, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìyẹn wà lọ́dọ̀ báńkì, ẹ lè ní kí wọ́n fagi lé e, ṣùgbọ́n títi káàdì pa ò kàn án rárá. Bákan náà ni ètò GSI tí CBN bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2020: gbèsè tí ẹ bá jẹ báńkì lè yọ nínú àkáǹtì yín tó wà ní báńkì mìíràn.

Mo ní kí wọ́n ti káàdì pa. Owó tí mo ń san fún fíìmù náà dúró. Ṣùgbọ́n ₦5,000 toṣù yẹn lọ, torí ìbéèrè rẹ̀ ti kọjá ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Mo ní kí báńkì bá mi gbà á padà, wọ́n béèrè ẹ̀rí pé mo ti fagi lé e kí owó tó yọ. Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n?

Káàdì tuntun pàápàá lè má là yín. Visa àti Mastercard ní ètò tí báńkì tó bá wà nínú rẹ̀ fi ń fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí oníṣòwò.

Ní gbogbo àkókò yìí, áàpù náà ń fi ímeèlì ránṣẹ́ pé mo jẹ gbèsè. Mo wá wọlé síbẹ̀, mo fagi lé e, mo ya àwòrán ojú fóònù tó ní ọjọ́ lórí. Ìṣẹ́jú méjì. Bí wọ́n bá tún yọ ọ́ báyìí, àwòrán yẹn ni màá gbé lọ báńkì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò yanjú rẹ̀, ó di cpd@cbn.gov.ng.